Owó tí kò yá ni wọ́n ń tìtorí ẹ̀ pè é láàárọ̀ kùtù: Ohun tí ìyá oníbàtà Dùgbẹ̀ ṣe kí fóònù ẹ̀ tó sinmi

Gbogbo àwọn tí wọ́n jọ ń tajà ní Dùgbẹ̀, n'Ìbàdàn, ló mọ̀ pé ìyá oníbàtà tọ́rọ̀ kàn yìí kì í jẹ gbèsè. Bó bá gba ọjà àwìn, kì í ju ọ̀sẹ̀ kan lọ tí yóò fi sanwó, àjọ ẹ̀ kì í sì í yẹ̀. Orúkọ ẹ̀ kò ní í jáde níbí, nítorí pé ẹjọ́ náà ṣì wà lọ́wọ́ àwọn ọlọ́pàá. Ìdí nìyẹn tó fi jẹ́ pé nígbà tí ọkùnrin kan pè é láago 6 àárọ̀ ọjọ́ Mọ́ńdè kan, tó ní, "Màmá, ẹ tètè sọ fún ọmọ yín kó wá san owó wa o, olè ni," ẹ̀rín lobìnrin náà kọ́kọ́ rín. Ọmọ ẹ̀ tó dàgbà jù kò tí ì ju ọmọ ọdún 11 lọ.

Ẹ̀rín náà kò pẹ́ lẹ́nu ẹ̀. Kó tó di ọ̀sán, nọ́ńbà mìíràn ti pè é, obìnrin ló sì sọ̀rọ̀ lọ́tẹ̀ yìí, ó ń ṣépè. Nígbà tí ilẹ̀ fi máa ṣú, ìpè 14 ló ti wọlé láti orí nọ́ńbà mẹ́fà. Lọ́jọ́ kejì ni wọ́n fi fọ́tò ọmọbìnrin kan ránṣẹ́ sí i lórí Wáásáàpù, wọ́n kọ ọ́ sábẹ́ fọ́tò náà pé gbájú-ẹ̀ ni, kí ẹnikẹ́ni tó bá rí i fà á lé ọlọ́pàá lọ́wọ́. Ibẹ̀ ni ìyá oníbàtà ti mọ ọmọ tí wọ́n ń sọ. Ọmọọṣẹ́ ẹ̀ tó gba fúríìdọ̀mù lọ́dún mẹ́ta sẹ́yìn ni.

Ó pe ọmọ náà, ẹkún ló sì fi dá a lóhùn. "Ẹ má bínú, ọ̀gá mi, ẹ jọ̀ọ́ mà. Èmi kọ́ ni mo fún wọn ní nọ́ńbà yín." Ó ní òun yá ₦20,000 lórí ápù kan tó ń yáni lówó lórí fóònù, ọjọ́ méje ni wọ́n fún òun, nígbà tí ọjọ́ sì pé, owó kò sí. Ohun tí kò rántí ni pé lọ́jọ́ tó gbé ápù náà sórí fóònù, ó bi í léèrè bóyá yóò jẹ́ kí òun rí gbogbo orúkọ tó wà nínú fóònù ẹ̀, òun náà sì tẹ bẹ́ẹ̀ ni láìkà á. "Mummy Mi" ló fi orúkọ ọ̀gá ẹ̀ pamọ́ sí. Àwọn tó ń gbowó rí "Mummy Mi", wọ́n ní ìyá tó bí i nìyẹn.

Bí wọ́n ṣe ń ṣe é nìyẹn. Láti ìparí oṣù Màáyù ọdún 2023 ni ilééṣẹ́ Google ti fòfin de àwọn ápù ayánilówó tó wà ní Play Store pé wọn kò gbọdọ̀ wo orúkọ àti fọ́tò inú fóònù oníbàárà mọ́. Ṣùgbọ́n ápù kan lè gba ọ̀nà ẹ̀bùrú wọlé. Wọ́n lè fi líǹkì ránṣẹ́ sí èèyàn lórí Wáásáàpù pé kó tẹ̀ ẹ́, kí ápù náà má sì gba Play Store kọjá rárá. Bí ọmọọṣẹ́ yìí ṣe rí tiẹ̀ nìyẹn.

Ìbínú ni ìyá oníbàtà kọ́kọ́ fi jà. Ó pè wọ́n padà pẹ̀lú owó ìpè tiẹ̀, ó bú wọn, wọ́n sì bú u ju bẹ́ẹ̀ lọ. Kò sí ohun tí irú ìpè bẹ́ẹ̀ ń ṣe ju pé ó ń fi han ẹni tó ń daniláàmú pé nọ́ńbà náà ṣiṣẹ́, àti pé ọ̀rọ̀ òun ń dun ẹni tó gbé e. Ewu kejì tún wà níbẹ̀. Àwọn ẹ̀rọ kan wà tó lè jẹ́ kí nọ́ńbà tó hàn lójú fóònù yàtọ̀ sí ti ẹni tó pè gan-an, èèyàn sì lè pe aláìmọwọ́mẹsẹ̀ kan padà kó wá máa bú u.

Lẹ́yìn èyí ló wá bẹ̀rẹ̀ sí í dí wọn lọ́nà ní ọ̀kọ̀ọ̀kan, ìyẹn ohun tí fóònù ń pè ní Block. Lórí fóònù Áńdíróìdì, ẹ ó tẹ nọ́ńbà náà mọ́lẹ̀ níbi tí àwọn ìpè tó ti wọlé wà, Block yóò sì jáde. Lórí Áífóònù, àmì lẹ́tà i kékeré tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ nọ́ńbà náà lẹ ó tẹ̀, kí ẹ wá wá a nísàlẹ̀. Iṣẹ́ rẹ̀ kò le. Ohun tó dùn ún ni pé inú fóònù yẹn nìkan ló mọ. Ilééṣẹ́ tẹlifóònù kò mọ̀ pé ẹ dí ẹnikẹ́ni lọ́nà. Bí ẹ bá gbé síìmù yín sínú fóònù mìíràn, ẹni náà lè wọlé padà. Ẹni tí ẹ dí lórí ìpè lásán kò sì tí ì kúrò lórí Wáásáàpù, àfi kí ẹ tún dí i níbẹ̀. Ju gbogbo ẹ̀ lọ, nọ́ńbà kan ṣoṣo ni Block ń mú. Láàárín ọjọ́ mẹ́rin, nọ́ńbà 19 ni ìyá oníbàtà ti dí, àwọn èèyàn náà sì ń gbé síìmù tuntun jáde bí ẹni ń bó ẹ̀pà.

Ẹnì kan tó ń tún fóònù ṣe lábẹ́ afárá Dùgbẹ̀ ló sọ fún un pé kó yéé lé nọ́ńbà káàkiri. Ó ní kó yí i padà, kó má sọ fún fóònù ẹni tí kò gbọ́dọ̀ wọlé mọ́, kó sọ ẹni tó lè wọlé fún un. Do Not Disturb ni wọ́n ń pe ibi tí wọ́n ti ń ṣe é. Lórí ọ̀pọ̀ fóònù Áńdíróìdì, inú Settings ló wà, lábẹ́ ohun tó jẹ mọ́ ohùn fóònù. Ẹ ó wọ ibẹ̀, ẹ ó wá ibi tí wọ́n kọ Calls sí, ẹ ó sì mú Contacts níbẹ̀, ìyẹn ni pé àwọn tí orúkọ wọn wà nínú fóònù yín nìkan ni ìpè wọn yóò máa dún. Ẹ lè mú Starred contacts dípò rẹ̀ bó bá jẹ́ àwọn díẹ̀ tí ẹ fi àmì ìràwọ̀ sí lẹ fẹ́. Ààyè tún wà láti dá àkókò fún un. Aago 9 alẹ́ sí aago 7 àárọ̀ ni ìyá oníbàtà fi tiẹ̀ sí.

Lálẹ́ ọjọ́ àkọ́kọ́, fóònù náà ṣì dún láago 5 ìdájí. Obìnrin náà fi ọ̀rọ̀ burúkú kan ṣèbúra, ó ní ẹ̀rọ náà kò ṣiṣẹ́. Ẹ̀rọ náà ṣiṣẹ́ o. Ohun kan wà lábẹ́ Do Not Disturb tí wọ́n ń pè ní Repeat callers, ọ̀pọ̀ fóònù ló sì máa ń wà ní títàn láti ilé tí wọ́n ti ṣe é. Èrò àwọn tó ṣe é ni pé bí èèyàn kan bá pè lẹ́ẹ̀mejì láàárín ìṣẹ́jú 15, ó lè jẹ́ pé àìsàn tàbí jàǹbá ló ṣẹlẹ̀, kí fóònù jẹ́ kó dún. Ọgbọ́n dáadáa ni fún aláìsàn. Ṣùgbọ́n ẹni tó ń daniláàmú kì í pè lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo, ohun tí wọ́n ṣe fún ìgbàlà wá di ilẹ̀kùn tí olè ń gbà wọlé. Áífóònù náà ní tiẹ̀, Allow Repeated Calls ni wọ́n pe ibẹ̀, ìṣẹ́jú mẹ́ta ni tiwọn. Lọ́jọ́ tí ìyá oníbàtà pa Repeat callers, ó sùn títí di aago 6.

Ohun mìíràn tún wà tó ń ṣi ọ̀pọ̀ èèyàn lọ́nà. Níbi tí àwọn nọ́ńbà tí ẹ ti dí wà lórí ọ̀pọ̀ fóònù Áńdíróìdì, ẹ ó rí ọ̀rọ̀ kan, Unknown. Ọ̀pọ̀ rò pé gbogbo ẹni tí orúkọ ẹ̀ kò bá sí nínú fóònù wọn nìyẹn ń dá dúró. Rárá o. Ẹni tó fi nọ́ńbà ẹ̀ pamọ́ kó tó pè ló ń dá dúró, irú ìpè tí nọ́ńbà kankan kì í hàn. Nọ́ńbà tuntun tó hàn gbangba kò kàn án. Lórí Áífóònù, Silence Unknown Callers ni wọ́n ń pe èyí tó ń pa ohùn àwọn àjèjì mọ́lẹ̀ tọ̀sán tòru, àwọn Áífóònù tuntun sì ti fi í sábẹ́ Screen Unknown Callers. Wáásáàpù náà ní Silence unknown callers láti ọdún 2023. Inú Settings lẹ ó ti wá a, lábẹ́ Privacy, kí ẹ tó wá tẹ Calls. Àwọn ìpè náà ṣì máa ń hàn níbi tí ìpè ń jókòó sí, wọn kàn kì í dún ni.

Ojú ọ̀sán ló wá ṣòro jù fún obìnrin yìí. Oníbàtà ni. Oníbàárà tuntun kò lè ní orúkọ nínú fóònù ẹ̀, tó bá sì pa ohùn gbogbo àjèjì, ọjà ló pa yẹn. Ìyá kan tó ń ta láàsì nítòsí ẹ̀ sọ pé òun ti pa gbogbo àjèjì mọ́ rí, ọ̀sẹ̀ náà ni olùkọ́ ọmọ òun fi fóònù ẹlòmíràn pe òun pé ọmọ ṣubú ní sùkúù, òun kò gbọ́. Ohun tí wọ́n wá ṣe fún ìyá oníbàtà ni pé wọ́n fún àwọn ẹbí, sùkúù àwọn ọmọ àti oníbàárà tó ti pẹ́ ní ohùn tiwọn lọ́tọ̀ nínú fóònù, wọ́n sì fi ohùn jẹ́jẹ́ kan sílẹ̀ fún gbogbo àjèjì. Bó bá gbọ́ ohùn tàwọn tiẹ̀, á sáré gbé e. Bó bá jẹ́ ohùn jẹ́jẹ́ yẹn, á wò ó nígbà tọ́wọ́ ẹ̀ bá dilẹ̀, tàbí kó fi àtẹ̀jíṣẹ́ béèrè pé ta nìyẹn. Oníbàárà gidi á dáhùn pé bàtà lòun fẹ́ rà.

Àwọn kan gbà á nímọ̀ràn pé kó fi STOP ránṣẹ́ sí 2442, ó sì ṣe é. Iṣẹ́ tí 2442 ń ṣe kò kan irú ọ̀rọ̀ yìí. Àtẹ̀jíṣẹ́ ìpolówó ọjà tí àwọn ilééṣẹ́ ń rọ́ sórí fóònù èèyàn ló ń dá dúró. Ó dáa láti ṣe é bí irú ìpolówó bẹ́ẹ̀ bá ń dà yín láàmú, ṣùgbọ́n kò lè dá ẹnì kan tó gbé fóònù tiẹ̀ lọ́wọ́ dúró.

Kó tó di pé wọ́n lọ fẹjọ́ sùn, àṣìṣe kan wà tí obìnrin yìí ti ṣe. Inú ń bí i, ó sì ń pa àwọn àtẹ̀jíṣẹ́ burúkú náà rẹ́ kí ọkọ ẹ̀ má baà rí i. Ẹ̀rí ló ń pa rẹ́. Ọkọ ẹ̀ ló ní kó dáwọ́ dúró. "Ìyá Bọ̀dé, bó o bá pa gbogbo ẹ̀ rẹ́, kí la fẹ́ fi han ọlọ́pàá?" Láti ọjọ́ yẹn ló ti ra ìwé ọmọ sùkúù kan. Nígbàkúùgbà tí wọ́n bá pè, yóò kọ ọjọ́, aago, nọ́ńbà náà bó ṣe hàn, àti ọ̀rọ̀ tí wọ́n sọ gan-an, kì í ṣe "ó bú mi", bí kò ṣe èébú náà fúnra ẹ̀. Ó ya àwòrán ojú fóònù tí nọ́ńbà, ọjọ́ àti aago ti hàn pọ̀. Lẹ́yìn tó ti ya á tán ló ń dí wọn. Bí ẹ bá fẹ́ fi ẹjọ́ ẹnì kan sun Wáásáàpù níbi tí wọ́n kọ Report sí, àwọn ọ̀rọ̀ márùn-ún tó kẹ́yìn tí ẹni náà fi ránṣẹ́ ló ń lọ sọ́dọ̀ wọn. Ẹ wò ó dáadáa kí ẹ tó tẹ̀ ẹ́, kó má lọ jẹ́ pé ẹ ti gbà kí ó pa gbogbo ọ̀rọ̀ náà rẹ́ lórí fóònù tiyín.

Ohun kan tún rèé tó yẹ kí wọ́n ṣọ́ra fún. Truecaller gbé orúkọ jáde fún mẹ́ta lára àwọn nọ́ńbà náà, ìyá oníbàtà sì ti fẹ́ lọ sílé ẹnì kan lára wọn. Orúkọ tí àwọn ẹlòmíràn fi pamọ́ sínú fóònù wọn ni Truecaller ń gbé jáde lọ́pọ̀ ìgbà, kì í ṣe orúkọ tí wọ́n fi forúkọ síìmù sílẹ̀. Ẹ kọ ọ́ sínú ìwé bó ṣe hàn, ṣùgbọ́n ẹ má gbé e lé ẹnikẹ́ni lórí.

Ilééṣẹ́ tẹlifóònù ẹ̀ ló kọ́kọ́ pè, lórí 300, nọ́ńbà tí gbogbo ilééṣẹ́ tẹlifóònù ní Nàìjíríà jọ ń lò láti ọdún 2023 fún àwọn tó fẹ́ bá òṣìṣẹ́ wọn sọ̀rọ̀. Obìnrin náà rò pé wọ́n á sọ orúkọ oní-nọ́ńbà fún òun lójú ẹsẹ̀, àbí kì í ṣe wọ́n ní gbogbo síìmù ló ti wà lábẹ́ NIN? Òótọ́ ni, wọ́n ti so síìmù mọ́ NIN, ṣùgbọ́n òfin tó dáàbò bo ọ̀rọ̀ àṣírí àwọn èèyàn kò gbà kí wọ́n sọ orúkọ oníbàárà kan fún oníbàárà mìíràn. Ọlọ́pàá tó ń wádìí ló lè fi ọ̀nà òfin béèrè ẹ̀. Ohun tó yẹ kí èèyàn gbà lọ́wọ́ ilééṣẹ́ tẹlifóònù lọ́jọ́ náà ni nọ́ńbà ẹ̀sùn, èyí tó máa fi hàn pé ó ti wá. Ìyá oníbàtà gba tiẹ̀, ó kọ ọ́ sínú ìwé. Bí ilééṣẹ́ náà kò bá ṣe nǹkan kan, 622 ló kàn, ìyẹn nọ́ńbà ọ̀fẹ́ àjọ NCC tó ń bójú tó àwọn ilééṣẹ́ tẹlifóònù nílẹ̀ yìí. Ohun tí wọ́n máa ń kọ́kọ́ béèrè níbẹ̀ ni pé ṣé ẹ ti bá ilééṣẹ́ tẹlifóònù yín sọ ọ́, kí sì ni nọ́ńbà ẹ̀sùn yín. Ẹni tí kò ní in, wọ́n lè ní kó padà lọ gbà á.

Níwọ̀n ìgbà tó jẹ́ ọ̀rọ̀ àwọn ayánilówó, àjọ FCCPC tó ń gbèjà àwọn oníbàárà ló ní agbára jù lórí ilééṣẹ́ náà fúnra ẹ̀. Àwọn ni wọ́n ya wọ ọ́fíìsì àwọn ayánilówó kan n'Ìkẹjà nínú oṣù Máàṣì ọdún 2022. Òfin tuntun tí wọ́n gbé jáde lọ́dún 2025 sì gbà wọ́n láyè láti bu owó ìtanràn tó lè tó ₦100,000,000 lé ilééṣẹ́ tó bá rú u. Orúkọ àwọn ayánilówó tí wọ́n fọwọ́ sí wà lórí ìkànnì wọn, fccpc.gov.ng. Ápù tí ọmọọṣẹ́ náà lò kò sí níbẹ̀ rárá. Ohun tí ìyá oníbàtà kọ sí wọn kò ju ojú ìwé kan lọ: orúkọ ápù náà, àwọn nọ́ńbà 19 yẹn, àwòrán ojú fóònù méje, àti gbólóhùn kan tó sọ pé òun kò yáwó, òun kò sì ṣe onídùúró fún ẹnikẹ́ni.

Ó kù síbi ọlọ́pàá. Òfin tó de ìwà ọ̀daràn orí ẹ̀rọ, èyí tí ìjọba ṣe lọ́dún 2015, ní ìlà 24 tí ọ̀pọ̀ èèyàn máa ń tọ́ka sí. Tẹ́lẹ̀, ó fẹ́rẹ̀ẹ́ jẹ́ pé ẹni tó bá fi ọ̀rọ̀ mú inú ẹlòmíràn bàjẹ́ lásán lè kó sínú ẹ̀. Ṣùgbọ́n wọ́n tún òfin náà ṣe lọ́dún 2024, wọ́n sì dín ibẹ̀ kù gan-an. Nítorí náà, ẹni tó bá dé àgọ́ ọlọ́pàá tó ní "wọ́n ń dà mí láàmú" lásán, ọ̀rọ̀ ẹ̀ lè má tẹ̀wọ̀n. Ohun tó ń tẹ̀wọ̀n ni ìhalẹ̀. Bó bá jẹ́ ìhalẹ̀ tó mú ẹ̀rù ikú tàbí ìpalára bá èèyàn, ẹ̀wọ̀n ọdún 10 ni, tàbí owó ìtanràn tí kò gbọdọ̀ dín ní ₦25,000,000. Bó bá jẹ́ ìhalẹ̀ láti ba orúkọ èèyàn jẹ́ tàbí láti pè é lọ́daràn kí wọ́n lè gba owó, ẹ̀wọ̀n ọdún márùn-ún ni, tàbí ó kéré tán ₦15,000,000. Adájọ́ sì lè pa ẹ̀wọ̀n àti owó pọ̀.

Nínú gbogbo ohun tó wà nínú ìwé ìyá oníbàtà, gbólóhùn méjì péré ni ọlọ́pàá tó gba ẹjọ́ náà n'Ìyágankú fi báírò fa ìlà sí nídìí. Nínú ọ̀kan, ẹni náà ní tí owó kò bá wọlé kí aago 4 tó lù, òun máa lẹ fọ́tò ìyá oníbàtà náà mọ́ fọ́tò ọmọ náà, òun á sì fi ránṣẹ́ sí gbogbo ọjà pé tìyá-tọmọ ni wọ́n jọ ń lu jìbìtì. Nínú èkejì, ó dárúkọ àdúgbò tí ṣọ́ọ̀bù ẹ̀ wà, ó ní àwọn ọmọkùnrin kan ń bọ̀ wá bá a níbẹ̀. Nọ́ńbà kan náà ló fi méjèèjì ránṣẹ́. Bẹ́ẹ̀ ẹ̀bi ọ̀hún ì bá ti lọ sínú omi bó bá ṣe pé ó ti pa á rẹ́ bíi ti ìṣáájú. Òfin yìí kan náà ní kí àwọn ilééṣẹ́ tẹlifóònù máa tọ́jú àkọsílẹ̀ ìpè fún ọdún méjì, ìyẹn ni wọ́n ṣe lè béèrè rẹ̀ kódà bó ti kúrò lójú fóònù. Ọ̀rọ̀ èébú tí wọ́n sọ lẹ́nu ni kò sí nínú àkọsílẹ̀ yẹn, ẹni tó pè, ẹni tí wọ́n pè àti àkókò ìpè ló wà níbẹ̀.

Ọmọọṣẹ́ náà ti rí owó san báyìí. Ẹ̀gbọ́n ẹ̀ ló yá a lówó, inú ápù náà ló sì san án sí, kò san án sínú àkáǹtì tí ọ̀kan lára àwọn tó ń pè fi ránṣẹ́ sí i, nítorí pé ẹni tó bá san án sírú ibẹ̀ lè padà gbọ́ pé gbèsè ẹ̀ ṣì wà ńlẹ̀. Àwọn nọ́ńbà yòókù ti dákẹ́. Èyí tó halẹ̀ yẹn ṣì pè lẹ́ẹ̀mejì lọ́sẹ̀ tó kọjá, aago 5:12 àti 5:14 ìdájí ọjọ́ Wẹ́sìdeè. Fóònù kò dún. Ìgbà tí ìyá oníbàtà jí ló tó rí i, ó ya àwòrán rẹ̀, ó kọ ọ́ sínú ìwé ọmọ sùkúù náà, ó sì mú un lọ fún ọlọ́pàá tó ń bójú tó ẹjọ́ ẹ̀ kó tó lọ ṣí ṣọ́ọ̀bù.